Bọ́ọ̀lù irin tó kọ̀ láti yí òrùka ká: ìṣẹ̀lẹ̀ kan nínú lábù wa ní Òṣogbo

Ìró bọ́ọ̀lù irin lórí símẹ́ńtì ti sú àwọn tó ń kàwé ní kíláàsì tó fara kan lábù wa. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ló fi ń dún: bọ́ọ̀lù á sọ̀ kalẹ̀ lórí irin, á gun òrùka, á fò kúrò lójú irin, á sì balẹ̀ gbà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ máarùn-ún tó wà nínú ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wa á tún wá a lábẹ́ tábìlì.

Ìdíje kan ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún, wọ́n sì fẹ́ ṣe rólà-kósítà kékeré. Ọkọ̀ ojú irin ọgbà ìgbafẹ́ yẹn ni mo ń sọ, èyí tó máa ń gun òkè, tó máa ń já ṣòòròṣò wálẹ̀, tó sì máa ń yí òrùka ńlá ká tí orí àwọn tó wà nínú rẹ̀ á fi dojú kọlẹ̀. Wẹ́dà kan ní Òkè-Bàálẹ̀ ló bá wa tẹ irin. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló fi ṣe ojú ọ̀nà, wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú irin rélùwéè, ó sì fi àwọn irin kéékèèké de wọ́n pọ̀ láti ẹ̀yìn bí àkàbà. Ojú ọ̀nà yìí sọ̀ kalẹ̀ láti orí òpó kan, ó yí òrùka kan ká, ó sì jáde ní òdì kejì. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré lórí rẹ̀ wá láti inú béárìn ọkọ̀ àtijọ́ tí mẹkáníìkì kan fún wọn ní apá Stéṣọ̀n. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 2 sẹ̀ǹtímítà, ó sì wọn gíráàmù 33 lórí òṣùwọ̀n lábù.

Ohun kan wà tí mo ní láti sọ kí n tó tẹ̀ síwájú, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Gíga tí à ń wọ̀n kì í ṣe ti irin, ti àárín gbùngbùn bọ́ọ̀lù ni. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí òrùka ká nínú, àárín rẹ̀ ń fa òbírí tirẹ̀, tó kéré díẹ̀ sí òbírí irin. Rédíọ́ọ̀sì òbírí tí àárín bọ́ọ̀lù wa ń fà jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà. Òun ni màá máa pè ní R. Láti ìsàlẹ̀ òrùka dé orí rẹ̀ wá jẹ́ 2R, ìyẹn 40 sẹ̀ǹtímítà.

Ohun tí wọ́n ń wá kò ju ẹyọ kan lọ: ibo ló kéré jù tí a lè gbé bọ́ọ̀lù sí lórí òpó, tí yóò fi yí òrùka ká láìjábọ́?

Ọmọkùnrin tó jẹ́ olórí wọn ti ní ìdáhùn kí n tó dé. Ó ní, "Sà, orí òrùka ga ní 40. Tí a bá gbé bọ́ọ̀lù sí 40, gbogbo agbára òkè tó ní á di agbára eré nísàlẹ̀, á tún padà di agbára òkè. Á dé 40." Ó kọ ọ́ sórí pátákó, m fún ìwọ̀n bọ́ọ̀lù, g fún ìfàmọ́ra ilẹ̀, h fún gíga tó ti bẹ̀rẹ̀:

```
mgh = mg(2R)
h = 2R = 40 cm
```

Ìṣirò agbára rẹ̀ kò ní àbùkù. Kò tilẹ̀ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, bóyá ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni tàbí ó já ṣòòrò, torí ńṣe ni irin ń tì bọ́ọ̀lù dábùú ọ̀nà rẹ̀, kì í tì í síwájú tàbí sẹ́yìn. Ipá tó bá dábùú ọ̀nà kì í ṣe iṣẹ́ kankan lára ohun tó ń rìn. Ìdí tí ọ̀nà iṣẹ́ àti agbára fi rọrùn ju kí a máa tọ ipá lẹ́yìn ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n gbé e sí 40. Bọ́ọ̀lù gun òrùka, ó kọjá ìdajì, ṣùgbọ́n kò tíì dé 30 tó fi kúrò lára irin tó sì já bọ́ sínú òrùka. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ibì kan náà ni.

Mo bi wọ́n pé, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà pé ó dé orí pátápátá, tí eré rẹ̀ sì ti tán síbẹ̀. Kí ló máa dì í mú?"

Wọ́n dákẹ́. Ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wọn ló dáhùn: "Kò sí nǹkan kan, Sà. Á já bọ́ ni."

Ibẹ̀ ni nǹkan ti kọ́kọ́ yí padà. Ìṣirò agbára lè sọ eré tí bọ́ọ̀lù ní bó bá dé ibì kan. Kò lè sọ bóyá eré yẹn tó láti dá a dúró síbẹ̀. Akọ̀wé owó ni agbára: ó mọ iye tó wọlé àti iye tó jáde, kò mọ iye tí wọ́n ń ta ọjà. Ipá la máa bi ní ìyẹn.

Mo ní kí wọ́n rántí bí ọmọdé ṣe ń fi garawa omi ṣeré, tí á máa fì í yí apá ká lókè orí. Tó bá ń fì í kíákíá, omi kò ní dà. Tí ọwọ́ bá ti rọ̀, omi á dà sí i lórí. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù náà nìyẹn. Ní orí òrùka, bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ irin. Ìwúwo rẹ̀ ń fà á sísàlẹ̀, irin náà sì ń tì í sísàlẹ̀, torí òkè ni irin wà. Ìsàlẹ̀ yìí gan-an ni ọ̀nà àárín òrùka. Ohunkóhun tó bá sì ń yí òbírí ká nílò ipá tó tó `mv²/R` lọ sí àárín, v ni eré rẹ̀. Tí a bá pe ipá tí irin fi ń tì í ní N:

```
mg + N = mv²/R
```

Bí eré ṣe ń dín kù ni N ń dín kù. Ṣùgbọ́n irin lè tì, kò lè fà. Kò ní ọwọ́ tó máa fi di bọ́ọ̀lù mú. Nítorí náà ibi tí N lè kéré mọ ni òdo. Tí eré bá tún wá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwúwo nìkan ti pọ̀ ju ohun tí òbírí náà nílò, bọ́ọ̀lù á sì tẹ̀ wọnú ju òrùka lọ, ìyẹn ni pé á já bọ́. Ní ààlà yẹn:

```
mg = mv²/R
v² = gR = 9.8 × 0.20 = 1.96
v = 1.4 m/s
```

Mítà kan àti díẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwúwo bọ́ọ̀lù ti pa ara rẹ̀ rẹ́ nínú ìṣirò, kò kan ibi tí a dé.

Ọmọ kan bi mí ní ohun tí wọ́n máa ń bi mí lọ́dọọdún: "Sà, tí irin kò bá tì í mọ́ rárá, ṣé kì í ṣe pé ó ti ń já bọ́ nìyẹn?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń já bọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí òrùka ṣe ń tẹ̀ sísàlẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òun náà ṣe ń já bọ́, wọ́n jọ ń lọ ni. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya á sórí pátákó: ipa ọ̀nà ohun tí a jù síwájú pẹ̀lú eré 1.4, àti orí òrùka. Ní orí pátápátá, àwọn ìlà méjèèjì fara kan ara wọn, wọ́n sì tẹ̀ bákan náà.

Ìgbà yìí la tó padà sọ́dọ̀ agbára, tí a sì ní ohun tí a lè fi lé e lọ́wọ́. Láti ibi gíga h, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ dé 2R, kí ó sì tún ṣẹ́ `½mv²` kù lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀:

```
mgh = mg(2R) + ½m(gR)
h = 2.5R = 50 cm
```

Ìdáhùn tó wà nínú ìwé nìyẹn, ọ̀pọ̀ kíláàsì ló sì máa ń parí síbẹ̀. Tí kò bá sí bọ́ọ̀lù gidi nínú lábù, àwa náà ì bá ti parí síbẹ̀. Wọ́n gbé e sí 50, ó já bọ́. Mo ní kí ọ̀kan nínú wọn fi fóònù ya á ní fídíò tó ń falẹ̀, kí a lè rí ibi tó ti kúrò lára irin gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù ìwọ̀n tí a lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn òrùka. Gíga 34 ni. Mo kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ láìmọ̀ pé yóò wúlò fún mi nígbà tó yá.

Mo wá rántí pé bọ́ọ̀lù kì í yọ̀ bí ọṣẹ. Ó ń yí ni. Apá kan nínú agbára òkè tó ní ń lọ sínú yíyí yẹn. Fún bọ́ọ̀lù tó ki nínú, tó ń yí lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, agbára yíyí yìí jẹ́ `⅕mv²` lórí `½mv²` ti eré, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ `0.7mv²`. Gíga tí a nílò di `2R + 0.7R`, ìyẹn 54 sẹ̀ǹtímítà.

Ibí ni mo ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Inú mi dùn débi pé mo ránṣẹ́ sí wẹ́dà kí ó gé òpó tuntun sí 55, kí ó sì jó o mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ méjì la fi dúró de iná kí ó tó lè jó o. Nígbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sí orí òpó tuntun, ó já bọ́. Ó súnmọ́ orí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó já bọ́. Bàbá wẹ́dà wò mí, ó ní, "Olùkọ́, ṣé ìwọ̀n ni ẹ kò tíì wọ̀n tán ni, àbí irin mi ni kò dára?"

Gbogbo wa mọ̀ pé ìfarakan wà, fíríkṣọ̀n bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é. Orúkọ rẹ̀ nìkan kì í sọ iye rẹ̀. Ìfarakan máa ń di àpò tí a ń kó gbogbo ohun tí kò yé wa sí. Mo ní kí a wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà tí a gbà rọrùn. A gbé bọ́ọ̀lù sí 20 péré, ibi tí kò ti lè kọjá ìdajì òrùka. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gun ẹ̀gbẹ́ òrùka, ó dúró bíi pé ó ń ronú, ó sì padà. Níbi tó ti dúró la wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún la ṣe é, gbogbo rẹ̀ sì wà láàrin 18.1 sí 18.3. Ohun tó jẹ́ kí ìwọ̀n yìí mọ́ ni pé, lásìkò tí bọ́ọ̀lù dúró, kò ní eré, kò sì ń yí. Gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ gíga. Nítorí náà 1.8 tó sọnù jẹ́ iṣẹ́ ìfarakan nìkan, kò sí ohun mìíràn tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ó jẹ́ 9 nínú 100. Ní júùlù, `0.033 × 9.8 × 0.018`, kò pé 0.006.

A gbà pé ìpín yẹn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ náà láti òkè, torí bí a bá gbé bọ́ọ̀lù sókè sí i, ọ̀nà rẹ̀ gùn sí i, ó sì ń tẹ irin le sí i nísàlẹ̀ òrùka. Tí ó bá nílò 54, tí 9 nínú 100 sì ń sọnù, `54 ÷ 0.91` jẹ́ 59.3. Bàbá wẹ́dà fi irin kún òpó títí tó fi dé 60. Ní 60, bọ́ọ̀lù dé ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orí gan-an, ó kúrò lára irin, ó gba afẹ́fẹ́ kọjá, ó sì lu òdì kejì òrùka kàn-ín.

Ká sọ òótọ́, mo ti fẹ́ di ẹ̀bi ru ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, torí ó ga díẹ̀ níbẹ̀. Mo tilẹ̀ ti mú fáìlì láti fi ha á. Ọmọbìnrin kékeré yẹn ló gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú mi. "Sà, ẹ wo ara rẹ̀. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀."

Ìpẹtà irin ti ya ìlà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ méjì yí bọ́ọ̀lù ká. Àárín wọn ń dán. Mo wò ó fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó yé mi. Bọ́ọ̀lù kò fi ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ tẹ nǹkan kan rárá. Ó wà láàrin irin méjì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rì sínú àlàfo, ibi tó fi ń yí sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ìyá ọmọ náà ń ṣe àdìrẹ. Ìlú aró ni Òṣogbo, aró kò sì jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ kejì ó mú díẹ̀ wá nínú ike, a fi òwú kùn ún sójú irin méjèèjì, a nu bọ́ọ̀lù mọ́, a sì jẹ́ kó yí kọjá. Ìlà aró méjì ló jáde lára rẹ̀, wọ́n hàn kedere. A wọ̀n àlàfo tó wà láàrin wọn, gbọọrọ, láti ìlà dé ìlà: 12 mìlímítà.

Ìdajì 12 jẹ́ 6. Rédíọ́ọ̀sì bọ́ọ̀lù jẹ́ 10. Nítorí náà, láti àárín òpó yíyí bọ́ọ̀lù dé ibi tó ti kan irin jẹ́ `√(100 − 36)`, ìyẹn 8 mìlímítà. Bọ́ọ̀lù wa ń yí bí ẹni pé àgbá kẹ̀kẹ́ tó ní rédíọ́ọ̀sì 8 ni, kì í ṣe 10. Kí ó tó lè sá eré kan náà, ó gbọ́dọ̀ yí kíákíá sí i, ní ìlọ́po 10/8. Agbára yíyí sì ń tẹ̀lé eré yíyí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ó pọ̀ sí i ní ìlọ́po `(10/8)²`, ìyẹn 1.5625:

```
0.2 × 1.5625 = 0.3125
0.5 + 0.3125 = 0.8125
h = 2R + 0.8125R = 56.25 cm
```

Kí n má baà tún ṣe bí mo ṣe ṣe nígbà òpó 55, mo ní kí a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. A fi àmì kan sí orí bọ́ọ̀lù, a yí i jẹ́jẹ́ lórí ibi tí irin ti gùn gbọọrọ, títí àmì náà fi padà sókè. Bọ́ọ̀lù tó ń fi ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ yí yẹ kó rin 6.3 sẹ̀ǹtímítà. Èyí rin 5.

`56.25 ÷ 0.91` jẹ́ 61.8. Àwọn ọmọ gbé òkúta pẹlẹbẹ méjì sábẹ́ òpó, wọ́n sì wọ̀n ọ́n títí tó fi di 62. Olórí wọn ló fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó yí òrùka ká, ó jáde ní òdì kejì, ó kọjá etí tábìlì, a sì tún wá a lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ariwo tó tẹ̀lé e mú kí olùkọ́ kíláàsì tó fara kàn wá yọjú sí wa.

Nígbà tí wọ́n lọ tán ni mo padà sí fídíò ọjọ́ 50, torí 34 yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Níbi tí bọ́ọ̀lù ti kúrò lára irin, ipá irin ti di òdo, èyí sì fún wa ní eré rẹ̀ níbẹ̀ láìwọ̀n ọ́n. Kìkì pé nígbà yìí kì í ṣe gbogbo ìwúwo ló ń fà á lọ sí àárín, apá kan rẹ̀ ni. Ibi 34 ga ju àárín òrùka lọ ní 14, 14 nínú 20 sì jẹ́ 0.7:

```
v² = gR × 0.7 = 1.372
0.34 + 0.8125 × 1.372/9.8 = 0.454 m
```

Agbára tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú gíga 45.4. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 50. 4.6 ló sọnù, ìyẹn 9 nínú 100, bákan náà pẹ̀lú ohun tí ìdánwò 20 sọ. Tí mo bá fi 0.7 àtijọ́ ṣe é dípò 0.8125, ohun tó sọnù á di 12 nínú 100, ẹ̀rí méjèèjì á sì ta ko ara wọn. Èdèkòyédè yẹn ti wà nínú fídíò láti ọjọ́ kìíní. Tí mo bá ti ṣe ìṣirò yìí kí n tó pe wẹ́dà, ǹ bá ti mọ̀ pé yíyí bọ́ọ̀lù ni kò tíì yé mi, kì í ṣe ìfarakan.

Àmọ́ ẹ má ṣe gbára lé 61.8 yẹn títí dé ìlà mìlímítà. Nínú ìgbà mẹ́wàá tí wọ́n ṣe é ní 62, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì já bọ́, mo sì rò pé mo mọ ìdí. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń gun òkè tí eré rẹ̀ ń dín kù, yíyí rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dín kù, irin tó ń dì í mú ní ẹsẹ̀ ló sì ń dín in kù. Nítòsí orí òrùka, irin kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í mọ́, nítorí náà kò rí nǹkan dì mú. Bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú yíyí tó pọ̀ jù, agbára tó wà nínú yíyí yẹn kò sì ní padà di gíga. Ìdánwò 20 kò lè fi èyí hàn, torí níbẹ̀ bọ́ọ̀lù kò dé ìtòsí orí òrùka rárá. Wọ́n gbé òpó sí 65 fún ìdíje, kò sì já bọ́ mọ́.

Láti ìgbà náà, mo ti yí bí mo ṣe ń kọ́ ọ padà. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ `mgh` kí ó tó dáhùn pé kí ló ń ti bọ́ọ̀lù ní orí òrùka, àti síbo. Ìdánwò láti ìsàlẹ̀ ń ṣáájú òpó. Ọmọ tó bá sì fẹ́ lo bọ́ọ̀lù kékeré nítorí pé "ìwúwo ti pa ara rẹ̀ rẹ́", mo ń ní kí ó fi aró kùn ún ná. Ìwúwo kò ṣe nǹkan kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kékeré ń rì sáàárín irin ju ti ńlá lọ, agbára yíyí rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Ní ọjọ́ ìdíje, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, tó jẹ́ ẹnjiníà, bi wọ́n bóyá rólà-kósítà gidi náà ń jẹ́ òbírí bíi tiwọn. Wọ́n ti múra ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n sọ fún un nípa èyí tí wọ́n kọ́ sí Coney Island ní New York lọ́dún 1895, tí òrùka rẹ̀ jẹ́ òbírí gidi, tó sì ń ṣe àwọn tó gùn ún léṣe lọ́rùn. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé, kódà tí kò bá sí ìfarakan tàbí yíyí kankan, ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti 2.5R ń tẹ ojú irin nísàlẹ̀ òbírí pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́fà ìwúwo rẹ̀. Òrùka tí wọ́n wá kọ́ sí California lọ́dún 1976 kì í ṣe òbírí, ó rí bí ẹ̀kán omi: orí rẹ̀ tẹ̀ kíkan, rédíọ́ọ̀sì ibẹ̀ kéré, nítorí náà eré díẹ̀ tó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, nítorí náà ipá ibẹ̀ rọ̀.

Adájọ́ náà mi orí, ó tún béèrè pé: "Tí ọkọ̀ gidi bá wá falẹ̀ lórí òrùka ńkọ́, ṣé á já bọ́?"

Olórí wọn ló dáhùn. "Rárá, Sà. Ó ní àgbá tó wà lábẹ́ irin náà, yàtọ̀ sí tòkè àti tẹ̀gbẹ́. Irin tiwọn lè fà. Tí kò bá sí ìfarakan, tó bá ṣáà kọjá 2R díẹ̀, á yí i ká." Ó wá yíjú sí mi, ẹ̀rín ń yọ lẹ́nu rẹ̀. "40 tí mo kọ́kọ́ sọ nìyẹn, Sà. Àgbá abẹ́ ni bọ́ọ̀lù wa kò ní."